Òǹtẹ̀, ìbuwọ́lùwé àti ìkọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ìwé: bí mo ṣe ń tú wọn

Ìwé ìbí láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo sábà máa ń tú láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Orúkọ ọmọ àti ti òbí kì í fa wàhálà. Òǹtẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ló ń gba àkókò.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bèèrè fọ́tò ẹ̀yìn ìwé, nítorí òǹtẹ̀ ìjẹ́rìísí lè wà níbẹ̀. Mo tún máa ń ní kí wọ́n ya ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, torí èdìdì tí kò ní aró, èyí tí wọ́n fi irin tẹ̀ mọ́ bébà, kì í hàn bí iná bá kọjú sí i tààrà.

Inú àkámọ́ onígun ni mo máa ń kọ òǹtẹ̀ sí, níbi tó wà gan-an lójú ìwé: [Òǹtẹ̀ róbótó, aró búlúù], kí n tó wá kọ ohun tó sọ. N kì í gé àwòrán òǹtẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìtumọ̀. Ẹni tó bá rí i lè rò pé ìjọba ló fọwọ́ sí ìwé tèmi. Bí ìbuwọ́lùwé kò bá ṣeé kà, [Ìbuwọ́lùwé, kò ṣeé kà] ti tó. Orúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń kọ, ẹ má ṣe fi ojú inú ka orúkọ láti inú ìlà wíwọ́.

Dahòmì ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ títí di 1975. Bí òǹtẹ̀ bá sọ Dahòmì, Dahòmì ni mo kọ, n kì í sọ ọ́ di Bẹ̀nẹ̀. Bí ìdajì lẹ́tà bá ti pa rẹ́, mo kọ èyí tó hàn, mo sì fi [kò hàn] sí ìyókù, bí mo tilẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé kan láti Kétu. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bírò kọ ọjọ́ ìgbéyàwó ẹni náà sí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀, òǹtẹ̀ sì gorí ọjọ́ náà. Ṣé 11 ni àbí 17? Àwọn tó kọ́ ìwé lédè Faransé máa ń fún 1 ní ìrù gígùn lókè, ó sì ń jọ 7. N kò fi í wé nọ́ńbà inú ìwé ìbí, torí ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ìyẹn. Ọdún tó wà nínú ìkọ̀wé ẹ̀gbẹ́ yẹn, 1998, ni mo fi wé: 1 rẹ̀ kò ní ìlà láàárín, nọ́ńbà kejì ọjọ́ náà sì ní in. 17 ni. Mo kọ orúkọ oṣù jáde ní ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọjọ́ àti oṣù padà. Ká ní ìlà náà kò hàn ni, [11 tàbí 17, òǹtẹ̀ bò ó] ni n bá kọ, n bá sì bèèrè fọ́tò mìíràn.

Nínú ìwé ìjẹ́rìísí tí mo ń fi ti ìtumọ̀, lẹ́yìn orúkọ, ìbuwọ́lùwé, déètì àti àdírẹ́sì mi, mo máa ń sọ ọ́ kedere pé fọ́tò ni mo tú, n kò rí ojúlówó ìwé náà.