Kí Ẹ Tó Ra Igi Ẹ̀gẹ́, Ẹ Lọ Wo Ewé Rẹ̀ Lóko

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ bá mi fara dà á. Àrùn mòsáíìkì ló ba ẹ̀gẹ́ mi jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀gẹ́ ti mọ ojú ẹ̀: ewé á pọ́n rúsúrúsú níhìn-ín, á tutù níbẹ̀, á kákò, á lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìka ewé kan á gùn, èkejì á rún. Igi á ràrá. Tẹ́ ẹ bá sì wú u nígbà ìkórè, ẹ̀ ẹ́ rí i pé kò ta.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò kàn dédé ra igi. Mo bèèrè. Ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé oríṣi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 ni, pé oko tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn lòun ti gé e. Igi náà sì dára lójú. Ó sanra, ó gbó dáadáa, bí mo ṣe fi èékánná ha èèpo ẹ̀ ni oje funfun yọ, ìyẹn ni pé kò tíì gbẹ. Kí ni ẹlòmíì ì bá tún wò? Ẹ má sọ pé n kò ṣọ́ra. Wọ́n ti já gbogbo ewé ara ẹ̀ kí wọ́n tó dì í ní ìdì-ìdì, igi tí kò sì léwé lára, kò sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ bóyá àrùn wà nínú ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa mòsáíìkì kì í fi àmì kankan sára igi. Ewé nìkan ló ti ń hàn.

Igi tí mo rà kò tó ilẹ̀ tí mo ti kọ ebè sí, ni mo bá fi igi tèmi kún un. TME 419 lèmi náà ti ń gbìn tẹ́lẹ̀, mo sì ti rìn láàárín ẹ̀ nígbà tó ṣì léwé lórí, mo mọ èyí tára ẹ̀ dá. Èyí tí mo rà wà lápá kan, tèmi wà lápá kejì. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọjọ́ kan náà la gbìn ín. Apá kejì yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títí di òní ni wọn ì bá máa pa á mọ́ mi lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ ti hù, ewé mélòó kan ti là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè àkọ́kọ́, mo rí ewé kan tó lọ́, mo ní bóyá ohun kan ló tẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ sí ìkejì, ó lọ́. Ìkẹta, ó lọ́. Mo yára sí àárín oko, bóyá ẹ̀bá nìkan ló mú, àárín náà rí bákan náà. Mo jókòó sórí ebè. Mo já ewé kan, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mò ń wá ohun mìíràn tí mo lè pè é. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé oúnjẹ ilẹ̀ ni kò tó. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ ilẹ̀ bá dín, apá ọ̀tún àti apá òsì ewé ló máa ń pọ́n dọ́gba-dọ́gba. Èyí kò dọ́gba rárá: apá kan ìka ewé náà tutù, ó tẹ́ dáadáa, apá kejì ti ṣá, ó ti fà á tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún wo ẹ̀yìn ewé bóyá kòkòrò aláǹtakùn aláwọ̀ ewé ni, ìyẹn náà kọ́, torí òun a máa fi tóótòòtó kéékèèké sílẹ̀ káàkiri ojú ewé ni, kì í ṣe àbàwọ́n ńlá báyìí. Ewé àkọ́kọ́ pàápàá, èyí tó kọ́kọ́ yọ lójú igi, ti kákò. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti yé mi, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní eṣinṣin funfun ni, kí n lọ ra oògùn kí n fín in. Mi ò bá wọn jiyàn pé eṣinṣin funfun ló máa ń kó mòsáíìkì kiri, òun ni lóòótọ́. Kéékèèké ni, kò ju mìlímítà kan lọ, abẹ́ ewé tuntun tó wà lókè ló máa ń fara pamọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá yí ewé náà padà jẹ́jẹ́ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí oòrùn kò tíì mú, ẹ̀ ẹ́ rí wọn. Ó máa mu oje igi tó ń ṣàìsàn fún wákàtí díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á wọ inú ẹ̀, tó bá wá bà lé igi tára ẹ̀ dá, mímu ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti gbé e fún un.

Àmọ́ ẹ wo ewé ìsàlẹ̀. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Tí eṣinṣin bá kó àrùn ba ẹ̀gẹ́ tó ti hù, ewé tó ti là tẹ́lẹ̀ kò ní kákò mọ́. Àwọn ewé tuntun tó ń yọ lókè ni àrùn náà á ti hàn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta sí márùn-ún. Ìsàlẹ̀ á mọ́, òkè á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú igi tẹ́ ẹ gbìn ló ti bá a wá, láti ewé àkọ́kọ́ ló ti máa hàn, tìsàlẹ̀ tòkè. Apá tí mo fi igi tí mo rà gbìn, tìsàlẹ̀ tòkè ni. Apá tèmi, gbogbo ẹ̀ mọ́ nígbà náà. Nígbà tó yá ni díẹ̀ lára tèmi fi àbàwọ́n hàn lókè, ìsàlẹ̀ wọn sì mọ́, àwọn tó sún mọ́ apá tí mo rà ni wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀. Eṣinṣin gbé e láti ọ̀dọ̀ wọn wá bá tèmi. Ṣé ẹ wá rí i? Kì í ṣe eṣinṣin ló mú un wọ oko mi. Èmi ni mo sanwó fún un, wọ́n sì dì í fún mi ní ìdì-ìdì.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ̀gẹ́ tí àrùn bá a látinú igi kò ní ewé gidi rí láyé ẹ̀, ewé ló sì ń wá oúnjẹ tí gbòǹgbò á fi wú. Èyí tí eṣinṣin kó àrùn bá lẹ́yìn oṣù mélòó kan ti ní ewé dáadáa ná, ìpàdánù ibẹ̀ kéré gan-an sí tàkọ́kọ́.

Mi ò ra oògùn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Oògùn kì í wo igi tó ti ní fáírọ́ọ̀sì nínú. Eṣinṣin tó sì ń bọ̀ láti oko ẹlòmíràn, kí oògùn tó pa á, ó ti mu oje, ó ti fi ohun tó gbé sílẹ̀. Ní Ùgáńdà láàárín ọdún 1990 sí 1999, oríṣi fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ àdàlù méjì gba oko ẹ̀gẹ́ káàkiri débi pé àwọn àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ tì níbòmíì. Oríṣi ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè mú ló dá a padà, kì í ṣe oògùn.

Àwọn tó tún ń bi mí pé, "Ṣebí wọ́n ní TME 419 kì í ní mòsáíìkì?", ẹ gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó ní kì í ní. Eṣinṣin á bà lé e bó ṣe ń bà lé òmíràn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì kì í rí àyè pọ̀ nínú ẹ̀. Ewé kan tàbí méjì lè kákò, tó bá yá, ewé tó mọ́ á tún máa yọ. Ohun tí àwọn díẹ̀ tó mú lápá tèmi ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni TMS 30572 tí ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn mú jáde. Torí náà, oko tí gbogbo ẹ̀ bá kákò láti ìsàlẹ̀ dókè, tí kò sì yí padà, orúkọ yòówù kí wọ́n fi tà á, ẹ fura. Aládùúgbò oko mi tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn kan náà fi tiẹ̀ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ nílẹ̀ ló ti ya ẹ̀ka yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́. TME 419 gidi a máa nà ró ṣánṣán ni.

Èmi fa tèmi tu kó tó pé oṣù méjì, tigi tigbòǹgbò, mo kó o jìnnà sóko kó gbẹ. Mo fi igi tèmi dí àyè ibẹ̀, ó sì ti ń bọ̀ sípò.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹ lọ wo oko tí wọ́n máa ti gé igi náà nígbà tí ewé ṣì wà lórí ẹ̀, nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé ti ń rẹ̀. Kí ẹ má dúró lẹ́bàá ọ̀nà wò ó, ẹ wọ àárín ẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, pé òun máa gbé e wá bá yín nílé, ẹ fi igi ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun kan náà ni mò ń sọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló pa mí lára. Tó bá jẹ́ oko tiyín ni, ẹ so àkísà pupa mọ́ àwọn tí ewé wọn mọ́ jálẹ̀jálẹ̀, kó tó di pé ewé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gé lára wọn nìkan. Igi tó ti tó oṣù mẹ́jọ sí méjìlá ni kí ẹ lò, àárín ẹ̀ ló dára jù, kẹ́ ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó ní ojú márùn-ún sí méje. Ẹ má fi èyí tó ṣẹ́kù nínú ìdì tó ní àrùn dí àyè ibi tí kò hù. Èyí tó bá sì fi àmì hàn láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ fà á tu láì ṣàánú ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ò lè rí igi tó mọ́ tó. Éékà kan, tẹ́ ẹ bá fi mítà kan sí mítà kan gbìn ín, nǹkan bí 4,000 ni. Ìdí ẹ̀gẹ́ kan tó gbó dáadáa á fún yín ní bíi gígé mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé ìdí 400 tí ewé wọn mọ́ ti tó éékà kan. Bí ẹ kò bá rí ju 100 lọ, ẹ gbin ìdámẹ́rin éékà lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ gé lára ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.