Bí Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Ṣe Jẹrà Mọ́ Wa Lọ́wọ́ ní Sèmè

Láti Aláàdá ní orílẹ̀-èdè Benin dé ọjà Máìlì 12 ní Èkó kò jìnnà rárá. Àádọ́ta kìlómítà ó lé díẹ̀ ni Aláàdá sí Kútọnu, Kútọnu sí bọ́dà Sèmè kò tó 40, Sèmè sí Èkó náà kò sì tó 100. Bí wọ́n bá gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lóko ní ìdájí, tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ìyá tó ń tà á ní Máìlì 12 á ti máa ná an fún oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé e nínú ọkọ̀ akẹ́rù 911 lásán, tapólì lórí, kò sí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù kankan. Ọ̀nà yẹn kúrú. Bọ́dà ló gùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni a di ẹrù yìí. Alájà tó ni ọjà ti kọ́kọ́ sọ pé tọ́ọ̀nù 6 lòun máa rà, orí tọ́ọ̀nù 6 náà ni ajẹ́ńtì rẹ̀ sì ti bá a gba ìwé ìlera irúgbìn sílẹ̀ ní Kútọnu. Nígbà tí wọ́n dé oko, ọjà pọ̀, àgbẹ̀ dín owó, Alájà bá ní kí wọ́n máa kó o sí i. Nígbà tí a fi máa so okùn tapólì, ó ti tó ẹgbẹ̀rún méje ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bíi tọ́ọ̀nù 8 àbọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ìwé tó wà nínú àpò ajẹ́ńtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dì í, torí ó máa wúlò níwájú. A kì í gé ewé orí rẹ̀ kúrò. A máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ ni, kí ewé orí yẹn lè di tìmùtìmù fún un, ká tẹ́ koríko gbígbẹ sáàárín, ká tún to òmíràn lé e. Tèyí tó wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ dára, wọ́n ń rí atẹ́gùn. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ àti àárín gbùngbùn ni ìyà ń jẹ. Ẹrù ń tẹ̀ wọ́n, ooru ara wọn náà kò sì ríbi jáde, nítorí èso tí wọ́n gé ṣì ń mí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé ní tútù á pọ́n nílé, máńgòrò náà á pọ́n. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ igi rẹ̀, adùn tó bá bá a níbẹ̀ ni tirẹ̀, kò ní í fi ẹyọ kan kún un mọ́. Ìbàjẹ́ nìkan ló kù tó ń lọ bá. Nítorí náà, kò sí pé à ń dúró kó pọ́n. Gbogbo wákàtí tó bá lò lórí ọkọ̀, àdánù ni.

A dé Sèmè lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì náà. Owó orí kọ́ ló dá wa dúró o. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú àjọ ECOWAS ti fẹnu kò pé ohun ọ̀gbìn tí ẹnì kan kò sè, tí kò sì rọ ọ́ di nǹkan mìíràn, kò gbọ́dọ̀ san owó orí láti ìlú kan dé ìkejì. Níbi tí wọ́n ti ń wo ìlera irúgbìn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọmọkùnrin tó wà lórí tábìlì wo wéébìlì, ó wo ìwé ìlera, ó tún wo ọkọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù yín ju ìwé yín lọ."

Mo ní, "Ọmọ mi, oko kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ṣé ẹ ò lè bá wa fi bírò tún un ṣe?"

"Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Tí mo bá fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn, ìwé yẹn ti kú nìyẹn. Àwọn tó kọ ọ́ ní Kútọnu ló gbọ́dọ̀ kọ òmíràn."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí ìwé yẹn ń jẹ́rìí sí ni pé ẹnì kan ti yẹ ẹrù wò, kò rí kòkòrò tàbí àrùn lára rẹ̀. Tọ́ọ̀nù 6 ni wọ́n yẹ̀ wò. Tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀ tó lé, ta ló yẹ ìyẹn wò? Mo pe ajẹ́ńtì. Ó ní ọ́fíìsì ti ń palẹ̀mọ́, àfi ọjọ́ Ajé. Mo pe Alájà. Ó kígbe mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lé e lórí.

Wọ́n ní ká wa ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dẹ́rẹ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé ike láti Àkrà, ó ti so àwọ̀n sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń sùn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo ní ẹni tó gbé ike ló lè fọkàn balẹ̀.

Lóru, òjò ṣú. Ìṣòro tapólì rèé: bí a bá bò ó, ooru á sé mọ́ ẹrù, abẹ́ rẹ̀ á máa rọ̀. Bí a bá ṣí i, òjò á wọ ojú ibi tí wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀ igi, ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an sì ni àrùn tó ń mú un jẹrà máa ń gbà wọlé. Ohun tí èmi àti mọtobọ́ì mi ṣe ni pé a fi igi gbé àárín tapólì sókè, a ká ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò nílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sùn, èmi náà kò sùn. Gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá yí padà ni a ń dìde lọ fa okùn.

Ní Sátidé, mo ti ọwọ́ mi bọ àárín ẹrù títí dé èjìká. Ó gbóná. Òórùn rẹ̀ tó dùn láàárọ̀ ti kan bí ẹmu àná nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn oyin sì ti dé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti abẹ́ pákó ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀, sórí táyà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀ kò lè fojú mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nítorí irú ọ̀pẹ̀ òyìnbó Aláàdá tí a gbé yìí, èyí tó rí ṣóńṣó tí inú rẹ̀ funfun, èèpo rẹ̀ a máa wà láwọ̀ ewé kódà bó bá pọ́n tán. Ìdí rẹ̀ ni a máa ń tẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Bó bá le, ó ṣì wà láyé. Bí àtàǹpàkò bá wọlé, tí omi bá tẹ̀ lé e jáde, ẹ jù ú nù, kí ẹ sì wo gbogbo èyí tó fara kàn án.

Ohun tó yẹ ká ṣe hàn gbangba: ká já ẹrù, ká ṣà á, ká yọ èyí tó ti kú kúrò kó má baà ran èyí tó kù. Àmọ́ ẹrù tí ìwé rẹ̀ ti wà lórí tábìlì kò sí lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà mọ́. Mi ò gbọ́dọ̀ sọ ẹyọ kan kalẹ̀ láìgbàṣẹ, ká má tíì sọ pé mo fẹ́ tà á. Àwọn obìnrin tó ń ta èso tí wọ́n ti bó lẹ́bàá ọ̀nà wá ná an, mo ní ẹ má bínú. Ọ̀kan nínú wọn wo omi tó ń kán, ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ tà á fún nìyẹn."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọ̀gá kan tó rí ipò tí a wà gbà pé ká ṣà á, ṣùgbọ́n níṣojú òṣìṣẹ́ kan tó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Mọtobọ́ì mi wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, a ń ju èyí tó ti jẹrà sínú kòtò, òṣìṣẹ́ ń fa ìlà. Apá wa ń yún láti inú omi rẹ̀, oyin ta mí létí. Nígbà tí a ṣe tán, ó ku díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún méjì tó ti lọ.

Mọtobọ́ì mi jókòó sórí táyà, ó ń ka ìka.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tọ́ọ̀nù mélòó ló kù lórí ọkọ̀ báyìí?"

Mo ṣírò ó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan tó kìlógíráàmù kan ó lé díẹ̀. Bí a bá yọ ẹgbẹ̀rún méjì nínú méje, ó ku tọ́ọ̀nù 6 ó lé bíńtín.

Ó ní, "Ìwé àkọ́kọ́ wá tọ̀nà nìyẹn."

Mo fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló jáde.

Ìwé tuntun dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, tọ́ọ̀nù 8 àbọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù tún bà mí pé wọ́n á ní ẹrù kò bá ìwé mu mọ́. Ọmọkùnrin orí tábìlì ní rárá, ẹrù tó dín kò burú, ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ka èyí tí a dà nù á tẹ̀ lé e. Èyí tó lé ni wàhálà. Ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Mi ò ní í pẹ́ lórí ọ̀nà Àgbádárìgì, gbogbo ẹni tó ń rìn ín mọ̀ ọ́n. A dé Máìlì 12 kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́. Ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ gbà á kò tiẹ̀ wo èèpo rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ, ó la mẹ́ta láàárín láti ọ̀nà mẹ́ta inú ọkọ̀. Méjì funfun, ìkẹta ti ní àmì pupa rúsúrúsú lẹ́bàá ọ̀pá àárín rẹ̀. Ó ní bí a bá ṣe rí i ni òun á ṣe rà á: èyí tó dára ní owó tirẹ̀, ìyókù ní ìdajì fún àwọn tó ń fún omi èso. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bá a jà sí. Láàárọ̀ yẹn náà ni wọ́n tún ṣà á, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onídajì.

Alájà pè. Ó ní òun á yọ àdánù kúrò nínú owó ọkọ̀ mi. Mo ní, "Alájà, ẹ má bínú, owó ọkọ̀ ni mo gbà, mi ò gba owó ìwé. Ẹ bi ajẹ́ńtì yín." Ó dákẹ́, ó tún ní kí n gba ìdajì báyìí, ká ṣe ìyókù nígbà tí mo bá tún padà wá kó ẹrù ní Aláàdá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gba ìdajì náà. Mo wá sọ fún un pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó ya fọ́tò ìwé ìlera náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi nígbà tí a bá ṣì wà lóko. Ibi tí iye tó wà nínú rẹ̀ bá parí sí ni èmi á ti so tapólì, ì báà kù ẹgbẹ̀rún kan nílẹ̀.