Ẹ gba ohùn yàrá sílẹ̀ kí ẹ tó dìde

Ìyá àgbà kan ní Kétu ń ròyìn fún mi ohun tí bàbá bàbá wọn sọ nípa ogun Dànhòmẹ̀ tó fọ́ ìlú ní 1886. Ikọ́ gbà wọ́n láàárín ọ̀rọ̀ tí mo ń gbà sílẹ̀. Nílé, mo gé ikọ́ náà kúrò lórí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún ohùn ṣe, mo lẹ apá méjèèjì pọ̀. Bí mo ṣe fi ẹ̀rọ sétí, "tá!" ni mo gbọ́ lójú ibi tí mo gé.

Ìgbì ni ohùn: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń la ìlà àárín kọjá. Bí a bá gé e lókè, tí apá kejì sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ìgbì á fò lójijì. Fífò yẹn ló ń dún. Mo dá ikọ́ náà padà, mo sàmì sí i, mo sì tẹ Z kí n tó tún un gé, kí ibi gígé lè bọ́ sórí ìlà àárín. Ó rọlẹ̀, àmọ́ kò tán, torí ìgbì tó ń gòkè ni mo lẹ̀ mọ́ èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi igun sílẹ̀.

Kírọ́sì-fédì ló pa á: apá àkọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀ bí èkejì ṣe ń gòkè. Mo gbé apá kejì sórí tíráàkì mìíràn, mo jẹ́ kó gun ìparí àkọ́kọ́ díẹ̀, mo sàmì sí ibi tí wọ́n ti pàdé, mo sì yan Crossfade Tracks. Mìlísẹ́kọ́ńdì 15 tó. Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú 3, ṣùgbọ́n fáànù ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn; ìgbì iná mànàmáná wa tó ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń gba mìlísẹ́kọ́ńdì 20 kó tó yí tán, nítorí náà 3 kéré jọjọ sí i. Nígbà tí mo gbé e dé 100, mo gbọ́ èémí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà tí kírọ́sì-fédì kò lè tún ṣe: bí ẹ bá gé àárín fáwẹ̀lì, tí ohùn òkè wá kan ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ gé e sínú ìdákẹ́, ṣáájú kọ́ńsónáǹtì.

Ibì kan wà tí ìyá dákẹ́ pẹ́, àkùkọ sì kọ níbẹ̀. Mo pa ohùn ibẹ̀ rẹ́ pátápátá. Fáànù dákẹ́ lójijì, ó wá dà bíi pé ẹnìkan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ohùn yàrá gan-an, ìyẹn ìró tó máa ń wà nínú yàrá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti gbà á, àmọ́ òjò ti ń rọ̀ sórí páànù, kò bá tàná mu rárá. Níkẹyìn, mo rí ìṣẹ́jú àáyá méjì láàárín gbólóhùn wọn méjì. Mo tún un lò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ṣùgbọ́n àga kan dún kẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kẹ́rẹ́ yẹn sì ń padà wá bí aago. Mo gé kẹ́rẹ́ náà kúrò, mo fi kírọ́sì-fédì tó gùn sí i so ìyókù pọ̀, níwọ̀n bí kò ti sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí n tó dìde, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan." Fáànù ń yí lọ, ẹ̀rọ wà níbi tó wà, gbogbo wa jókòó.