Apẹ̀rẹ̀ Ẹ̀bùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sókè Òkun, àti Páálí Tó Gba Ipò Rẹ̀

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo di ẹ̀bùn oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Jámánì, apẹ̀rẹ̀ ni mo lò. Ó rẹwà. Ó ní ọwọ́ gíga tí mo fi ríbọ́ọ̀nù wé, mo sì fi ọ̀rá tó ń dán bò ó látòkè délẹ̀. Ìgò ohun mímu àjàrà méjì ló dúró láàárín. Oyin àti jáàmù inú ìgò, ṣokoléètì oníwàrà, wàràkàṣì, sọ́séèjì gbígbẹ, bísíkíìtì àti àpò kọfí kan yí wọn ká.

Ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gbé ẹrù ni ìyà ti kọ́kọ́ jẹ mí. Apẹ̀rẹ̀ náà kò ju kílò 6.2 lọ lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n owó kílò 12.6 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fa tépù yọ, ó sì fi hàn mí: gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, ìbú rẹ̀ 35, gíga rẹ̀ 40. Tí a bá sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lára ara wọn, tí a wá fi 5,000 pín in, kílò 12.6 ló máa jáde. Àyè tí ẹrù gbà nínú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ṣírò báyẹn, èyí tó bá sì pọ̀ jù láàárín rẹ̀ àti ìwọ̀n gidi ni wọ́n máa gba owó lé lórí. Sẹ̀ǹtímítà 18 nínú gíga ogójì yẹn, ọwọ́ apẹ̀rẹ̀ àti ríbọ́ọ̀nù lásán ni. Afẹ́fẹ́ ni mo sanwó rẹ̀ lọ sí Yúróòpù.

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi pè. Wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí àgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, “Àbúrò mi, ṣé sọ́séèjì wà nínú nǹkan yìí tẹ́lẹ̀ ni? Ìwé aṣọ́bodè ni mo bá níbẹ̀.” Wọ́n ti yọ sọ́séèjì àti wàràkàṣì. Jáàmù ti jò sórí bísíkíìtì. Ṣokoléètì ti funfun bíi pé ó bu. Bísíkíìtì tí jáàmù kò kàn, kọfí ló ń ta lẹ́nu.

Mo pinnu pé ń kò ní tún di nǹkan kan tí mi ò mọ ìdí tó fi bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹran àti wàrà kọ́kọ́. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí èèyàn lásán fi ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìṣọ̀kan wọn, àyàfi ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Àrùn ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń sá fún, nítorí náà kò sí ohun tó kàn wọ́n pé ẹran náà ti gbẹ tàbí pé wọ́n dì í pa sínú ọ̀rá. Bísíkíìtì àti ṣokoléètì lè wọlé ní tiwọn tí ẹran kò bá sí nínú wọn, tí wàrà àti ẹyin inú wọn kò sì pọ̀ kọjá ààlà. Oyin náà lè wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2 lọ. Kí ẹ má fi èyí gbé ẹrù lọ sí ibòmíràn o. Niu Sílándì kì í gba oyin láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nítorí àwọn kòkòrò oyin tiwọn. Orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ ni òfin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú ìkànnì aṣọ́bodè wọn sì ni mo máa ń lọ kà kí n tó ra ohunkóhun. Tẹ́lẹ̀, ọjà ni mo kọ́kọ́ ń lọ.

Ti ṣokoléètì, mo rò pé ó bu ni. Kò bu. Ọ̀rá kòkó inú rẹ̀ ló yọ́ lójú ọ̀nà, ó ru wá sókè, ó sì dì padà lójú ara rẹ̀, òun ló funfun bí eérú. Kò lè pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi í ṣe ẹ̀bùn? Ọ̀rá yẹn máa ń rọ̀ kí ooru tó dé dígírì 30, tó bá fi máa tó 34, ó ti di omi. Páálí tó sùn sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn máa kọjá ìyẹn láàárọ̀ kan. Èyí tí wọ́n rọ kírímù tàbí ọtí sínú rẹ̀ tún burú jù, torí ara rẹ̀ máa bẹ́, ohun inú rẹ̀ á sì tú jáde. Ní àsìkò ooru, yálà níbi tí ẹrù ti ń gbéra tàbí níbi tó ń lọ, n kì í fi ṣokoléètì ránṣẹ́. Lẹ́búlẹ́bú kòkó tí a ń pò mu ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀. Kò sí ooru ọkọ̀ tó lè ṣe é ní nǹkan kan.

Jáàmù ni mo rò jù, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì dé e pinpin. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé atẹ́gùn inú ọkọ̀ òfurufú máa ń fẹ́lẹ́ bí ti orí òkè tó ga tó mítà 2,400. Atẹ́gùn tó wà lábẹ́ ìdérí wá fẹ́ jáde, ó sì ti jáàmù níwájú. Ohun kan náà ló ń mú kí ọ̀rá ìpékeré wú bíi bọ́ọ̀lù nínú ọkọ̀. Ìgò tí wọ́n dé nílé iṣẹ́ kì í sábà ní wàhálà yìí torí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde. Ẹ fi ìka tẹ àárín ìdérí rẹ̀. Tó bá ró “ká”, tó ń lọ tó ń bọ̀, kò dì mọ́, ẹ dá a padà. Tó bá dúró gbọin, ó dára. Síbẹ̀, èmi a tún dojú rẹ̀ dé sórí ìwé funfun mọ́jú. Ìwé náà ló máa sọ fún mi láàárọ̀.

Kọfí àti bísíkíìtì kò gbọ́dọ̀ sùn pọ̀. Àpò kọfí tí wọ́n yan máa ń ní ihò kékeré kan níwájú, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ inú kọfí ń gbà jáde nìyẹn, òórùn sì ń bá a jáde. Ọ̀rá inú bísíkíìtì àti ẹ̀pà máa ń fa òórùn mọ́ra. Àpò ọ̀rá méjì tó dì dáadáa ni mo ń fi kọfí sí báyìí, bísíkíìtì sì ń wà nínú agolo rẹ̀. Agolo yẹn wúlò lọ́nà méjì, torí òun náà ló ń gba ìyà tí páálí bá já bọ́.

Páálí kejì lọ ní oṣù kọkànlá. Mo yan páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 20. Ìṣirò àyè rẹ̀ jẹ́ kílò 4.8, nítorí náà mo mọ̀ pé mo lè di ẹrù tó tó 4.8 láìsan kọ́bọ̀ lé e. Mo fi agolo bísíkíìtì gíráàmù 400 méjì sí ìsàlẹ̀. Oyin gíráàmù 500 nínú ike, kì í ṣe ìgò, lọ sí àárín. Dàbínù gbígbẹ gíráàmù 500, àjàrà gbígbẹ 250, ẹ̀pà yíyan 300, lẹ́búlẹ́bú kòkó 250 àti tíì 100 ni mo fi dí gbogbo àyè tó kù. Kọfí jẹ́ àpò gíráàmù 250 méjì péré, torí Jámánì ń gba owó orí lórí kọfí, gíráàmù 500 sì ni wọ́n fàyè gbà nínú ẹ̀bùn. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú páálí àti ìwé wá jẹ́ kílò 4.4. Mo ṣọ́ iye owó ọjà náà pẹ̀lú kó má kọjá yúrò 45, ìyẹn ààlà ẹ̀bùn tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ sí èèyàn ní Yúróòpù láìsan owó aṣọ́bodè.

Ìwé tí mo fún pọ̀ ni mo fi há gbogbo rẹ̀, kì í ṣe koríko gbígbẹ tó máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀ ọ̀ṣọ́. Koríko lè mú kí àwọn tó ń ṣọ́ àrùn irúgbìn dá ẹrù dúró, ó sì tún ń fọ́n ká. Kí n tó fi sẹ́lótéèpù dì í, mo gbé páálí náà, mo gbọ̀n ọ́n. Mo gbọ́ “kókó”, mo tú u, agolo ló ń rìn. Mo tún un há. Nígbà tí kò dún mọ́ ni mo dì í.

Lórí fọ́ọ̀mù CN23, ìyẹn ìwé tí a fi ń sọ ohun tó wà nínú ẹrù fún aṣọ́bodè, n kò kọ “oúnjẹ” bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Mo kọ “bísíkíìtì, agolo 2, gíráàmù 800”, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye owó rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń yẹ ẹrù wò kò ní ìdí láti tú páálí tó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo rí i pé gbogbo ọjà tí mo fi sí i ló ní ó kéré tán oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí mo retí pé ó máa dé, torí pé ẹrù lè dúró, àti torí pé àgbà kì í jẹ ẹ̀bùn tán lọ́sẹ̀ kan. Mo sì béèrè kí n tó ra ẹ̀pà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wú lẹ́nu tí wọ́n bá jẹ èso oríṣi kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀pà, mo ti fẹ́ rò pé ẹ̀pà ni.

Ohun mímu nìkan ló kù tí ń kò tíì sọ. Ìgò òfìfo tí wọ́n fi ń ta wáìnì lè tó gíráàmù 500 láìtíì ní nǹkan nínú, ó lè fọ́, ó sì lè bẹ́ bí omi inú rẹ̀ bá dì, torí omi máa ń wú tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá dì. Ọtí tún ní òfin tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti aṣọ́bodè. Lẹ́búlẹ́bú kòkó àti tíì ni mo ń fi ránṣẹ́, omi wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì tún béèrè pé ohun mímu àjàrà àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, torí ìgò kan ṣoṣo ló dé ọwọ́ wọn láìjò, ó sì dùn mọ́ wọn. Mo wá ilé ìtajà kan ní ìlú tí wọ́n ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sanwó ìgò méjì, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé wọn pẹ̀lú káàdì tí mo kọ orúkọ mi sí. Ọjọ́ kejì ni ìgò náà dé, kò sì gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú kankan.