Àgbàdo ẹ̀yìn ilé l'Ádó-Èkìtì: lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ 22

Òjò dá lánàá. Mo ti gbé agolo kan sáàárín poro, èyí tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, rúlà ni mo sì fi ń wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀: mílímítà 18, 52, 26. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 96.

Ọkàn mi ò balẹ̀, torí mo fi ajílẹ̀ yúríà gíráàmù 650 sí ilẹ̀ yìí (mítà 10 níbùú, 10 lóròó) lọ́jọ́ 5 oṣù yìí. Yúríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ lè bá àgbàrá lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó ń di amóníọ́ọ̀mù, tí ilẹ̀ ń dì mú díẹ̀. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, amóníọ́ọ̀mù ń di náítíréètì, ilẹ̀ kì í sì í dì í mú rárá. Ibi tí omi bá gbà ló ń gbà. Ọjọ́ 14 ti pé kí òjò tó dé.

Yẹ̀pẹ̀ mi, bí mo bá pò ó mọ́ omi, kì í ṣe é yí bí òkèlè, yanrìn ni. Irú rẹ̀ kì í mú ju bíi mílímítà 10 omi dúró nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ó sì ti yó tẹ́lẹ̀, nítorí náà mílímítà òjò kan ń ti omi ìsàlẹ̀ sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Mo yọ 12 fún ohun tí àgbàdo àti oòrùn fà, ó ku 84, tó lè ti omi náà sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 84. Mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí kan: gbòǹgbò tó pọ̀ kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 45. Ohun tó ti kọjá ibẹ̀ ti bọ́ mọ́ àgbàdo lọ́wọ́, ọ̀nà kànga ló ń lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ, torí àgbàdo ti ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ 23

Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè láti ṣóńṣó, ó gba àárín ewé wá. Àìtó náítírójìn nìyẹn, oúnjẹ tí yúríà ń fún àgbàdo. Bó bá jẹ́ etí ewé ló kọ́kọ́ pọ́n, àìtó pọ̀táṣíọ̀mù ni ǹ bá fura sí.

Ìyá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ọmọ mi, da yúríà tó kù sí i lónìí.” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán ìdí mẹ́ta wò, mà.” Mo fi ààbọ̀ ṣíbí tíì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 28

Ewé tuntun ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúdú ju ti aládùúgbò wọn lọ. Ilẹ̀ ṣì ń fẹ́ ajílẹ̀, àgbàdo sì ti ń sún mọ́ ìgbà tó máa yọ òdòdó, ìgbà tó ń fà á jù.

Ọjọ́ 29

Gíráàmù 650 tó kù ni mo fi sí i, mo fi 150 lé e fún ohun tó lọ. Mo gbẹ́ ihò bíi sẹ̀ǹtímítà 5, mo sì bò ó, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. N kò dúró de òjò ńlá. Òjò wínníwínní díẹ̀ ló tó.

Ọjọ́ 30

Mílímítà 9 ló wà nínú agolo láàárọ̀ yìí.