Wọ́n ní kí n yíjú sọ́tùn-ún

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá fídíò ojú mi padà lọ́jọ́ Àìkú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun, mo fẹ́ wọ ojú òpó tí mo ti ń ta aṣọ lórí áàpù kan, ni àwọn tó ni áàpù náà bá ní kí n ya fídíò ara mi, kí n yíjú sọ́tùn-ún, kí n yíjú sósì. Inú bí mi. Ṣé èmi kọ́ ni mo ni ín ni?

Àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ló là mí lóye. "Ẹ̀gbọ́n mi, olè lè gbé fọ́tò yín síwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n fọ́tò pẹlẹbẹ ni, kò lè yíjú kí etí ẹ̀gbẹ́ hàn." Ó ní wọ́n á wá fi fídíò náà wé fọ́tò tó wà lójú òpó mi. (Ẹni tó jẹ́ pé fọ́tò òdòdó nìkan ló ń gbé síbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi wé e?)

Ó wo ibi tí mo jókòó sí, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo kẹ̀yìn sí fèrèsé, ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Gèlè bo iwájú orí mi, gíláàsì ń kọ mànà. Mo bọ́ méjèèjì, mo nu ojú kámẹ́rà, mo kọjú sí fèrèsé, mo gbé fóònù kó bá ojú mi dọ́gba. Mo wá rọra yí orí, kì í ṣe fìrì bíi ti àkọ́kọ́.

Áàpù náà gba fídíò ọ̀hún. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣí ojú òpó mi. Inú áàpù náà gan-an ni mo ti ṣe é o. Ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ lórí Wasáàpù pé òun á bá mi ṣí i, mi ò dá a lóhùn.