Ọwọ́ òsì ni mo fi ń mú ọ̀pá

Inú ń bí mi láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan ni o. Mo ń kọjá níwájú ìyá alákàrà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe fún Bàbá Tíṣà, ọwọ́ òsì ni wọ́n wá fi ń mú ọ̀pá, àfi bí ẹni pé ara wọn ò pé mọ́." Ó rò pé mi ò gbọ́. Ìbàdí ni wọ́n pààrọ̀ fún mi o, wọn ò pààrọ̀ etí.

Mo fẹ́ padà lọ ṣàlàyé fún un, mo ní kí n máa lọ. Ara ò pé kẹ̀.

Iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ló ń di ara mú tá a bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tèmi lọ́tùn-ún ò tíì lágbára, torí náà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ òsì, apá òsì ló máa fẹ́ wọlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ ti dúró dè é. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún á jọ kanlẹ̀ pọ̀. Tí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ṣe ni màá kàn fì sọ́tùn-ún, tí gbogbo ẹrù á wá bọ́ sórí oríkèé tuntun. Ọmọ kinẹ́ tó ń kọ́ mi ní ìrìn ló fi hàn mí, ó ní kí n dúró síwájú dígí, mo sì fojú ara mi rí i.

Mo rìn dé Àkabà Ìdẹ̀nà, mo padà. Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà.

Nílé mo gbé ọ̀pá tì, mo rìn láti yàrá dé pálọ̀, kò dùn mí rárá, inú mi ti ń dùn, ni Ìyá Bọ́sẹ̀ bá ní èjìká mi ń wọ́ sọ́tùn-ún ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kò tíì yá. Kinẹ́ ti sọ ọ́, kéèyàn máa tiro láìlọ́pàá kì í ṣe ìlọsíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó máa ń bà mí tẹ́lẹ̀, pé oríkèé tuntun yẹn á yọ, mi ò rántí ẹ̀ títí mo fi jókòó. Ìbínú ló lé e lọ, àbí kí ni...

Ara ò pé. Irin ló sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyá yẹn ò kúkú parọ́ tán.

Ẹ̀yin ará Pọ́bẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tá a bá jọ jáde lọ kí ẹbí, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má gbé àpótí fún mi, ìbàdí ò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ju orúnkún lọ, wọ́n tún kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Àga gíga ni kẹ́ ẹ bá mi wá. Zẹ̀mí náà ṣì di ọjọ́ mìíràn, ẹ mú mọ́tò wá.